Ìpá Tó Kọ̀ Tí Kò Wọlé Mọ́

Ní nǹkan bí aago 4 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé kan, bíríkìlà kan gbé àpò sìmẹ́ńtì sí èjìká. 50 kílò ni àpò kan, ó sì ti gbé irú rẹ̀ láìmọye ìgbà. Bó ṣe nàró báyìí, ó mọ̀ ọ́n lára pé ìpá òun ti jáde. Kò kà á sí. Ó ti tó ọdún 9 tí kókó rírọ̀ yẹn ti ń yọ sí i níbi tí ikùn ti pàdé itan lápá ọ̀tún, tó ń sọ̀ kalẹ̀ sínú àpò kórópọ̀n bó bá gbé nǹkan wúwo tàbí tó bá wúkọ́. Alẹ́ ló máa ń yanjú rẹ̀. Á fẹ̀yìn lélẹ̀, á fi ọwọ́ rọra tì í, kinní náà á dún wùrù, á sì gba ọ̀nà tó bá jáde padà wọlé. Yàtọ̀ sí ìyàwó rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó tì í, kò wọlé. Ó sinmi díẹ̀, ó tún tì í. Kókó tó máa ń rọ̀ ti le gbagidi, kò sì ṣe é fọwọ́ kàn mọ́.

"Bàbá Ìbejì, ṣé kò tíì wọlé ni?"

"Á wọlé tó bá di àárọ̀. Lọ sùn."

Ẹnì kan pàtó kọ́ ni bíríkìlà yìí. Mo kó ìtàn rẹ̀ jọ láti ara ohun tí àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ ń bá pàdé léraléra nílẹ̀ Yorùbá àti káàkiri Áfíríkà, níbi tí ìpá tó há ti wà lára ohun tó ń dí ìfun àwọn ènìyàn jù lọ. Mo fẹ́ ká tẹ̀ lé e láti alẹ́ ọjọ́ Ajé yẹn lọ, wákàtí sí wákàtí, nítorí pé gbogbo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí i wà lọ́wọ́ aago.

Kí ni ìpá gan-an? Kí wọ́n tó bí ọmọkùnrin, inú ikùn ni kórópọ̀n rẹ̀ ti kọ́kọ́ wà. Bí oyún bá ṣe ń dàgbà, kórópọ̀n á sọ̀ kalẹ̀ gba ojú ihò kan lára ògiri ikùn bọ́ sínú àpò rẹ̀. Ó yẹ kí ojú ọ̀nà yẹn fún lẹ́yìn tó bá kọjá tán, ṣùgbọ́n lára àwọn kan kì í fún dáadáa, lára àwọn mìíràn sì rèé, ọdún, iṣẹ́ agbára, ikọ́ tí kò lọ àti ìtọ̀ tí wọ́n ń fi tipátipá tọ̀ ló ń sọ ibẹ̀ di rírọ̀. Ìfun á wá rí ihò gbà yọ. Ohun tí bíríkìlà wa ń fi ọwọ́ tì wọlé lálaalẹ́ fún ọdún 9, ìfun rẹ̀ ni. Wùrù tó ń gbọ́ yẹn, afẹ́fẹ́ àti omi inú ìfun ló ń dún bẹ́ẹ̀. (Irú ìpá kan wà tó jẹ́ pé omi lásán ló kún inú àpò kórópọ̀n. Orúkọ kan náà là ń pè wọ́n, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní ìfun nínú, kì í sì í wọlé bí ènìyàn bá dùbúlẹ̀. Dókítà ló lè sọ èyí tó jẹ́.)

Níwọ̀n ìgbà tí ìfun bá ń jáde tó sì ń padà, wàhálà rẹ̀ kò pọ̀. Ẹrù bà ni ọjọ́ tó bá jáde ju bó ṣe yẹ lọ, tí etí ihò náà sì há a mọ́.

Ẹ rántí bí a ṣe máa ń ṣe nígbà tí a wà lọ́mọdé, tí a máa ń so òwú mọ́ ìka wa. Ìka kì í kọ́kọ́ funfun. Ó máa ń wú, á pọ́n, á wá dúdú díẹ̀díẹ̀. Ìdí ni pé iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn rọ̀, òwú sì tètè ń tẹ̀ ẹ́ pa. Èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá nípọn, ó ṣì ń bá iṣẹ́ lọ. Ẹ̀jẹ̀ ń wọlé, kò rí ọ̀nà jáde. Bí ìka bá ṣe ń wú sí i ni òwú náà á máa fún un sí i, títí tí èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá náà á fi dí. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí ìfun tó há sínú ìpá. Ní nǹkan bíi wákàtí 6, nígbà mìíràn kó tó tó bẹ́ẹ̀, ibi tó há náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í kú, kò sì sí oògùn tó ń jí ìfun tó ti kú.

Ìyẹn ọ̀nà àkọ́kọ́ tí ewu ń gbà wọlé. Ìkejì ni dídí fúnra rẹ̀.

Ìfun kékeré àgbàlagbà gùn tó nǹkan bíi mítà 6. Nínú rẹ̀ kì í ṣe oúnjẹ tí a jẹ àti omi tí a mu nìkan ló ń kọjá. Itọ́, omi inú àpòlúkù, òróòro àti omi tí ìfun fúnra rẹ̀ ń sun máa ń tó lítà 7 tàbí 8 lójúmọ́ kan. Ẹ fojú inú wo kẹ́ẹ̀gì epo onílítà 5, kí ẹ tún fi ìdajì rẹ̀ kún un. Ara kì í fi omi yìí ṣòfò, ó máa ń fà á padà sínú ẹ̀jẹ̀ kó tó dé ìdí. Ṣùgbọ́n bí ìfun bá dí, omi náà á ṣù jọ sẹ́yìn ibi tó dí, kò ní lè padà sínú ẹ̀jẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí a ń gbé mì náà á pàdé rẹ̀ níbẹ̀. Ikùn á wú. Nígbà tí àyè ò bá sí mọ́, gbogbo rẹ̀ á gba òkè padà. Ìdí tí aláìsàn fi ń bì nìyẹn, ìdí náà nìyẹn tí òùngbẹ fi ń gbẹ ẹ́, tí ètè rẹ̀ ń gbẹ, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì ń dínkù, nígbà tí ikùn rẹ̀ kún fún omi dẹ́nu.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Bàbá Ìbejì.

Aago 7 alẹ́ ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Kì í ṣe inú rírun tó dúró sójú kan. Á dé bí ìrọbí, á lọ́ ọ nínú fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, á tún fi í sílẹ̀ tí á fi rò pé ó ti lọ. Ìfun ló ń gbìyànjú láti ti ohun tó wà nínú rẹ̀ kọjá ibi tó dí, bí ó bá tì í tì, á sinmi, á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fi etí lé ikùn rẹ̀ lásìkò yẹn á gbọ́ bó ṣe ń kùn.

Aago 9, ó bì. Àmàlà ọ̀sán ló jáde. Ó rò pé oúnjẹ ló ṣe òun. Ìyàwó rẹ̀ lọ sí kẹ́mísì ìsàlẹ̀ àdúgbò, ó ní ọkọ òun ń bì, inú ń run ún. Kò dárúkọ ìpá, nítorí ọkọ rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un. Wọ́n fún un ní oògùn ibà àti oògùn inú rírun. Mi ò dá ẹni tó ta á fún un lẹ́bi púpọ̀. Ìdajì ìtàn ni wọ́n sọ fún un.

Ní ọ̀gànjọ́, ó tún bì, èyí tó jáde lọ́tẹ̀ yìí ní àwọ̀ ewé, ó sì korò. Òróòro ni. Ó yẹ kí gbogbo ilé dìde níbẹ̀. Èébì oúnjẹ lè jẹ́ ohunkóhun. Àmọ́ èébì aláwọ̀ ewé tó ń tẹ̀ léra, lára ẹni tí inú ń lọ́ tí kò sì yàgbẹ́, ń sọ fún wa pé ohun tó yẹ kó máa lọ sísàlẹ̀ ti pẹ̀yìn dà. Ibà a máa mú ni bì, ṣùgbọ́n ibà kì í dí ìsó. Ẹni tí oúnjẹ ṣe náà á bì, ṣùgbọ́n bó pẹ́ bó yá, á yàgbẹ́ gbuuru. Ẹni tí ìfun rẹ̀ dí kì í yàgbẹ́, kì í sì í só. Àìlèsó yẹn ni kí ẹ bi aláìsàn yín. Ojú lè máa ti ẹni tí ẹ ń bi, ẹ bi í síbẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ikùn rẹ̀ ti ń wú. Aládùúgbò kan wọlé wá kí i, ó wò ó, ó ní, "Bùọ̀dá, jẹ̀díjẹ̀dí lèyí. Ẹ ò rí i bí inú yín ṣe kún?" Kò pẹ́ tí ìgò àgbo jẹ̀díjẹ̀dí fi dé. Tinútinú ni ọkùnrin náà fi ṣe é, ohun tó sì máa ń ràn án lọ́wọ́ ló gbé wá. Lọ́sàn-án, nígbà tí àgbo kò ṣiṣẹ́, wọ́n fi oògùn ìyàgbẹ́ lé e. Nígbà tí ìyẹn náà kò ṣiṣẹ́, wọ́n fi rọ́bà fa omi ọṣẹ sí i nídìí. Ìgbẹ́ díẹ̀ jáde! Gbogbo ilé yọ̀.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ síbí, nítorí pé ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kú sí. Ìgbẹ́ tó jáde yẹn, ìsàlẹ̀ ibi tó dí ló wà tẹ́lẹ̀. Ó ti wà nínú ìfun ńlá láti ọjọ́ Àìkú. Jíjáde rẹ̀ kò sọ ohunkóhun nípa ibi tí ìfun há sí, ó kàn tan àwọn ará ilé jẹ ni, ó sì gba ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọ́wọ́ wọn. Àgbo àti oògùn ìyàgbẹ́ burú jù ú lọ. Iṣẹ́ wọn ni láti mú kí ìfun fún pọ̀ kó sì máa tì. Bí a bá ní kí ìfun máa ti ilẹ̀kùn tí a ti tì pa láti ìta, ilẹ̀kùn kò ní ṣí, ògiri ló máa ya. Ohun mìíràn táwọn kan máa ń ṣe ni kí wọ́n fi òróró pa ìpá náà kí wọ́n sì fi gbogbo agbára tì í wọlé. Bí ìfun tó ti kú bá wọlé lọ́nà yẹn, ó ti bọ́ sínú ikùn nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa rí kókó lóde mọ́, gbogbo ènìyàn á sì rò pé ó ti san.

Ohun tó tọ́ nílé kò pọ̀ rárá: kí aláìsàn má jẹ, kó má mu, kí wọ́n má fún un ní oògùn ìyàgbẹ́ tàbí àgbo, kí wọ́n sì wá ọkọ̀.

Aago 5 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, inú rírun náà yí padà. Kò dá wọlé kó dá jáde mọ́. Ó dúró, ó ń jó o láìsinmi, ara rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Awọ orí ìpá náà ti pọ́n. Èébì rẹ̀ ti di aláwọ̀ ilẹ̀, ó ń rùn bí ìgbẹ́. Inú rírun tó ń bọ̀ tó ń lọ túmọ̀ sí pé ìfun ṣì ń jà. Bó bá di èyí tí kò dáwọ́ dúró, àfàìmọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má ti kọ̀ láti dé ibẹ̀. Ìgbà yẹn ni ìyàwó rẹ̀ dìde. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ bínú tẹ́ ẹ bá fẹ́ bínú. A ń lọ sí ọsibítù." Ó pe ọlọ́kọ̀ kan.

Aago 8 ni wọ́n dé. Nọ́ọ̀sì kan kí wọn, ó mú ọwọ́ bàbá náà, ó ka ìlù ọkàn rẹ̀. Ìbéèrè tó bi í kò ju mẹ́ta lọ.

"Ìgbà wo lẹ yàgbẹ́ gbẹ̀yìn, sà?"

"Wọ́n fi omi ọṣẹ sí mi nídìí lọ́sàn-án yìí, díẹ̀ jáde. Kó tó dìgbà yẹn, ọjọ́ Àìkú ni."

"Ẹ ti só láti àná?"

Ó wo ìyàwó rẹ̀. "Rárá."

"Ṣé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún yín níkùn rí?"

"Wọn ò ṣe é rí."

Dókítà dé, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, mo fẹ́ wo abẹ́ yín." Bàbá náà di ṣòkòtò rẹ̀ mú. Ìyàwó rẹ̀ ló ní kó tú u. Wọ́n máa ń kọ́ àwọn dókítà láti kékeré iṣẹ́ wọn pé ẹnikẹ́ni tí ikùn rẹ̀ bá wú tó sì ń bì, kí wọ́n wo abẹ́ itan rẹ̀ méjèèjì kí wọ́n tó wo nǹkan mìíràn. Ìtìjú yìí ti pa ènìyàn. Àwọn obìnrin náà ń ní ìpá, èyí táwọn kan ò gbà gbọ́. Tiwọn a máa kéré, nígbà mìíràn kì í ju àgbálùmọ̀ kékeré lọ, á fara pamọ́ sísàlẹ̀ ibi tí itan ti bẹ̀rẹ̀, ihò rẹ̀ sì há gan-an. Nítorí náà ìfun tètè ń há sí i. Bí ìyá àgbà bá ń bì tí ikùn rẹ̀ sì wú, tí ẹ sì rí kókó kékeré kan níbẹ̀ tó ń dùn ún, ẹ sọ fún dókítà kó tó béèrè.

Wọn ò gbé bíríkìlà náà lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ lójú ẹsẹ̀, ìyẹn sì bí àwọn mọ̀lẹ́bí tó ti dé nínú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti pàdánù omi tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lè kú lábẹ́ abẹ́rẹ́ akunilóorun bí wọn ò bá kọ́kọ́ dá omi rẹ̀ padà. Wọ́n fi dírípù sí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti wo iyọ̀ ara, pàápàá pọtásíọ̀mù, tí èébì máa ń gbé lọ, tí ọkàn kò sì lè lù dáadáa láìsí i. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń pa kòkòrò àrùn. Wọ́n fi rọ́bà tín-ínrín kan gba ihò imú rẹ̀ lọ sínú àpòlúkù, omi dúdú tó ń rùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà sínú àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Rọ́bà yìí kò dùn ún gbé mì, àwọn aláìsàn sì máa ń fẹ́ fà á yọ. Kí ìmọ̀ rẹ̀ tó tàn kálẹ̀, ènìyàn tí ìfun rẹ̀ dí tó ń kú pọ̀ ju bó ṣe wà lónìí lọ. Dókítà kan ní Minnesótà lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, Owen Wangensteen, ló fi hàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930 bí fífa omi náà jáde láti imú ṣe lè gba ẹ̀mí là. Ó ń dín wíwú ikùn kù, kì í sì í jẹ́ kí èébì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró aláìsàn nígbà tó bá ń sùn lọ.

Rọ́bà mìíràn wà fún ìtọ̀. Àwọn tó dúró ti aláìsàn kì í sábà mọ ìdí tí nọ́ọ̀sì fi ń padà wá wo àpò ìtọ̀ náà. Ó ń wò ó bóyá kíndìnrín ti rí omi tó tó. Ẹni tó wúwo tó 70 kílò gbọ́dọ̀ tọ̀ tó mílílítà 35 láàárín wákàtí kan, ìyẹn ṣíbí ìjẹun méjì àti díẹ̀. Nígbà tí ìtọ̀ bíríkìlà náà bẹ̀rẹ̀ sí í dé ìwọ̀n yẹn, wọ́n mọ̀ pé ara rẹ̀ ti gba omi.

Àwòrán ẹ́ksíréè tí wọ́n yà fún un lórí ìdúró fi ohun tí dókítà ti fura sí hàn: ìfun tó fẹ̀ ju kí ó ṣe fẹ̀ lọ, afẹ́fẹ́ lókè, omi nísàlẹ̀, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín wọn, bí ìgò tí a bu omi sí dé ìdajì. Ṣùgbọ́n bí ìpá bá ti le tó sì ń dùn báyìí, wọn kì í dúró de àwòrán kí wọ́n tó pinnu.

Ọ̀rọ̀ owó náà jáde, bó ti máa ń jáde. Kí gbogbo ènìyàn mọ èyí: òfin ìlera orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 2014, ní abala 20, sọ pé ilé ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kankan kò gbọ́dọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ohun yòówù kó jẹ́ ìdí. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́ lè san 100,000 náírà tàbí kó lọ sí ẹ̀wọ̀n fún oṣù 6 tàbí méjèèjì pa pọ̀. Mi ò ní kí ẹ máa fi òfin jà lójú aláìsàn o, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó gbé aláìsàn dé lè sọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, pàjáwìrì ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀, à ń wá owó bọ̀."

Aago 11 kọjá díẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e wọlé. Oníṣẹ́ abẹ la abẹ́ itan, ó ṣí àpò ìpá, omi tó dà bí ẹ̀jẹ̀ tó ti bàjẹ́ sì tú jáde. Ó di ìfun náà mú kó má bàa yọ́ padà sínú kó tó rí i, lẹ́yìn náà ló gé etí ihò tó fún un. Ẹ̀jẹ̀ ráyè wàyí. Ṣé ìfun náà á gbà á? Kò sí ẹ̀rọ kan tó dáhùn ìbéèrè yìí bíi sùúrù. Wọ́n fi aṣọ tí wọ́n rẹ sínú omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ wé e, wọ́n fi afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tó pọ̀ fún aláìsàn, wọ́n sì dúró bíi ìṣẹ́jú 10. Ìfun tó ṣì ń bẹ láàyè á yí padà láti àwọ̀ àlùkò sí pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ara rẹ̀ á dán, iṣan inú awọ tó gbé e á máa lù, bí wọ́n bá sì fi ìka tẹ̀ ẹ́, á sún.

Tirẹ̀ kò sún. Ó dúdú, ó ṣú, kò dán. Nǹkan bíi 40 sẹ̀ǹtímítà ni wọ́n gé kúrò, wọ́n sì rán orí méjèèjì tó yè pa pọ̀. Àwọn mọ̀lẹ́bí máa ń bẹ̀rù bí wọ́n bá gbọ́ pé wọ́n gé ìfun. 40 sẹ̀ǹtímítà nínú mítà 6 kò ní dí jíjẹ àti mímu lọ́wọ́. Ohun tó léwu ni ojú ìránṣọ náà: bó bá jò láàárín ọjọ́ mélòó kan sí i, ìgbẹ́ á bọ́ sínú ikùn, iṣẹ́ abẹ mìíràn á tún di dandan. Nítorí náà ni wọn ò fi jẹ́ kó jẹ nǹkan.

Ká ní aago 9 alẹ́ ọjọ́ Ajé ló dé, nígbà tó kọ́kọ́ bì, ó ṣeé ṣe kí ìfun náà tún pọ́n padà lábẹ́ aṣọ lílọ́wọ́ọ́wọ́ yẹn, kí wọ́n dá a padà sínú, kí wọ́n di ihò náà, kó sì lọ sílé láàárín ọjọ́ 2 tàbí 3. Ká ní ó ti lọ ní ọ̀kankan nínú àwọn ọdún 9 tó ti fi ọwọ́ tì í, wọ́n lè pa ojú ibẹ̀ kú nìkan, kí wọ́n di ihò náà, kó sì padà sílé lọ́jọ́ kan náà.

Ìpá nìkan kọ́ ló ń dí ìfun. Ìbéèrè kẹta tí nọ́ọ̀sì béèrè, ti iṣẹ́ abẹ àtijọ́, ní ìdí tirẹ̀. Bí wọ́n bá ti la ikùn ènìyàn rí, ìbáà jẹ́ láti gbé ọmọ jáde tàbí láti gé àpẹ́ńdíìsì, inú ikùn máa ń jiná pẹ̀lú àpá bó ṣe ń ṣe lára awọ. Àpá inú yìí máa ń so mọ́ra bí òwú aláǹtakùn, ìfun lè lọ́ mọ́ ọn lẹ́yìn oṣù díẹ̀ tàbí lẹ́yìn ogún ọdún. Irú èyí a máa tú fúnra rẹ̀ nígbà mìíràn, tí wọ́n bá fi rọ́bà sí imú aláìsàn tí wọ́n sì fún un ní omi, àwọn dókítà sì lè dúró wo ó fún ọjọ́ 2 tàbí 3. Àmọ́ ọsibítù ni wọ́n ti ń dúró wo ó, lábẹ́ ojú ẹni tó mọ ìgbà tó yẹ kí dídúró parí.

Ti ọmọ ọwọ́ ló máa ń dùn mí jù, nítorí ọmọ kò lè sọ̀rọ̀. Ọmọ tó wà láàárín oṣù 4 sí 10, tó ń ṣeré dáadáa láàárọ̀, á kàn ké lójijì, á ká orúnkún mọ́ ikùn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ á dákẹ́, ara rẹ̀ á rọ̀, ojú rẹ̀ á ṣì, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Á tún ké. Apá kan ìfun rẹ̀ ló ti wọ inú apá kejì lọ, bí ọwọ́ aṣọ tí a fà bọ inú ara rẹ̀. Á bẹ̀rẹ̀ sí í bì, èébì á di aláwọ̀ ewé, tó bá yá á yàgbẹ́ ikun tó ní ẹ̀jẹ̀, bí ọbẹ̀ ilá tí wọ́n ta epo pupa sí. Àwọn kan á ní eyín ló ń hù, àwọn mìíràn á ní ìgbẹ́ ọ̀rìn ni. Bí ọmọ bá tètè dé, àwọn ọsibítù tó ní ohun èlò rẹ̀ lè fi afẹ́fẹ́ tàbí omi gba ìdí rẹ̀ ti ìfun náà padà sáyè rẹ̀ láìfi abẹ kàn án. Dókítà ló ń ṣe ìyẹn, ojú ẹ̀rọ tó ń fi inú ikùn hàn ló sì ti ń ṣe é. Bó bá pẹ́, iṣẹ́ abẹ ni. Ẹ má dúró de ẹ̀jẹ̀. Igbe tó ń wá tó ń lọ pẹ̀lú èébì aláwọ̀ ewé ti tó láti gbé ọmọ pọ̀n sẹ́yìn kí ẹ sì máa lọ.

Ní wọ́ọ̀dù, láti Ọjọ́rú, àràárọ̀ ni nọ́ọ̀sì ń dúró síbi ẹsẹ̀ ibùsùn Bàbá Ìbejì. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé ẹ ti só?" Ọjọ́rú, kò só. Ọjọ́bọ̀, kò só. Lọ́jọ́ Ẹtì, dókítà fi etí lé ikùn rẹ̀, ó gbọ́ kíkùn díẹ̀, ó ní ká máa dúró. Dírípù ló ń jẹ, dírípù ló ń mu. Ìyàwó rẹ̀ ń fi òwú tútù pa ètè rẹ̀ tó ti ya.

Ní ìdájí ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí nọ́ọ̀sì tó dé, ó na ọwọ́ jí ìyàwó rẹ̀ tó sùn sórí ẹní nílẹ̀.

"Ìyá Ìbejì."

"Kí ló dé? Ṣé ó ń dùn yín?"

"Rárá. Mo ti só."

Ó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ó bú sẹ́kún, lẹ́yìn náà ló sáré jáde lọ pe nọ́ọ̀sì. Nígbà tí oòrùn fi yọ, wọ́n ti gbà á láyè kó mu omi ṣíbí méjì.